Ohun tí à ń sọ nídìí oúnjẹ àti lẹ́nu ọ̀nà lédè Tọ́kì: ta ló ni gbólóhùn wo?

Gbólóhùn ìkíni rẹpẹtẹ kì í ṣe àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Àwa la ní ẹ kú òjò, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìjókòó. Èdè Tọ́kì náà rí bẹ́ẹ̀, pàápàá nídìí oúnjẹ àti nígbà tí àlejò bá ń lọ. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín. Nílé wa, tí ẹni tó ń lọ bá ní "ó dàbọ̀", ẹni tó ń sìn ín jáde lè dá a lóhùn pé "ó dàbọ̀" bákan náà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó kù sílé, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹun kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó sè é. Kí o tó máa wá gbólóhùn nínú orí, kọ́kọ́ mọ ibi tí o dúró sí: ṣé ìwọ lo sè é ni, àbí ìwọ lo jẹ ẹ́? Ṣé ìwọ lò ń lọ ni, àbí ìwọ lo kù sílé?

Kọ́kọ́ tún ẹnu ṣe

Lẹ́tà mélòó kan ló máa ń da ẹnu wa rú. "Ş" ni ṣ tiwa gẹ́lẹ́, "c" ni j tiwa, "ç" sì ni ìró tí à ń gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Ìgbò bíi Chidi. "Ğ" kò ní ìró tirẹ̀, ńṣe ló ń fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ gùn, nítorí náà "sağ" á di "saa". Fún "ı" tí kò ní àmì lórí, fa ahọ́n sẹ́yìn bíi pé o fẹ́ pe u, ṣùgbọ́n má ká ètè jọ. "Z" ni s tí a mú kí ọ̀nà ọ̀fun gbọ̀n. Tí o bá ṣì pè é ní s, wọ́n á gbọ́ ọ, kò burú.

Èyí tó burú jù ni ìparí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi máa ń fẹ́ fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn, tí "sağlık" á di "sálíkì", tí "olsun" á di "olusúnù". Àfikún yẹn lè sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn, torí pé ìparí ọ̀rọ̀ ni èdè Tọ́kì máa ń so ìtumọ̀ mọ́. Gé e síbẹ̀: saa-lık, ol-sun. "N" tó kẹ́yìn "olsun" kì í ṣe ìró imú bíi ti "sun" wa. Fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín kí o tó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kò ní ni ọ́ lára rárá. "Sen" ni ìwọ, "siz" ni ẹ̀yin, a sì ń lo "siz" fún àgbà kan ṣoṣo bí a ṣe ń lo "ẹ". Nínú gbólóhùn tí a ń kọ́ yìí, òun ló fa ìyàtọ̀ láàárín "eline" (sí ọwọ́ rẹ) àti "elinize" (sí ọwọ́ yín). Ohun kan wà tó lè yà ọ́ lẹ́nu: nínú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ọmọ a máa wí fún ìyá rẹ̀ pé "Eline sağlık, anne", ìyẹn "ìwọ" gbuurugbu. Kì í ṣe àrífín lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n má bá ọmọ náà wí i. Ìwọ jẹ́ àlejò, "elinize" ni tìrẹ títí wọ́n á fi sọ fún ọ pé kí o jáwọ́. Orúkọ ìbátan náà ṣe pàtàkì. "Teyze" ni à ń pe obìnrin tó tó ìyá ẹni, "amca" ọkùnrin tó tó bàbá ẹni, "abla" àti "abi" sì ni ẹ̀gbọ́n obìnrin àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Bí o bá fẹ́ pe orúkọ mọ́ ọn, orúkọ ló ń ṣáájú, oyè ìbátan á tẹ̀ lé e.

"Afiyet olsun": èyí tí gbogbo ènìyàn lè sọ

Nínú ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ, òun nìkan ni kò ní ẹni pàtó tó ni ín, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o kọ́ ọ ṣáájú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí oúnjẹ náà di ìlera fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà tó bí "àlàáfíà" tiwa ni "afiyet" ti wá, ó yẹ kí ìyẹn mú un rọrùn láti rántí. A lè sọ ọ́ kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́, tàbí lẹ́yìn tó ti tán. Ẹni tó sè é lè sọ ọ́, ẹni tó gbé àwo wá lè sọ ọ́, ẹni tó jókòó tì ọ́ lè sọ ọ́, ẹni tó kàn ń kọjá lọ náà lè sọ ọ́. Ní ilé oúnjẹ, ẹni tó ń gbé oúnjẹ á sọ ọ́ nígbà tó bá gbé e kalẹ̀, ó sì lè tún un sọ lẹ́yìn tí o bá ti sanwó tí o ń dìde.

Ìdáhùn ló ń yàtọ̀. Bí ẹni tó sọ ọ́ kò bá jẹun, "Teşekkür ederim" tàbí "Sağ olun", ìyẹn "ẹ ṣé", ti tó. Bí òun náà bá ní àwo níwájú, "Size de" ni, ìyẹn "ẹ̀yin náà". Bí tábìlì bá kún fún ènìyàn, "Hep beraber", ìyẹn "gbogbo wa pọ̀".

Bí o bá bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń jẹun lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí tí o ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì tí o rí ẹnìkan tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀, "Afiyet olsun" ni wàá kọ́kọ́ sọ kí o tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Wọ́n á dáhùn pé "Buyurun". Ẹ wá jẹun ni wọ́n ń wí yẹn. Bí a ṣe ń dáhùn nílé wa pé "á gba ibi ire", tí a kò sì jókòó ti àwo olóunjẹ, ni kí o ṣe níbẹ̀: "Teşekkürler, afiyet olsun", kí o sì máa lọ. Kí lo fi máa mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí o jókòó lóòótọ́? Wọ́n á pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnìkan á fa àga, ẹlòmíràn á ti máa gé búrẹ́dì sílẹ̀. "Buyurun" ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìwà ọmọlúàbí lásán ni.

"Elinize sağlık": ti ọwọ́ tó sè é

Èyí kò rí bíi ti àkọ́kọ́. Àdúrà ìlera fún ọwọ́ ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà nìkan ló sì tọ́ sí. Bí ìyá ilé bá sè é, òun lo máa sọ ọ́ fún, kì í ṣe ọkọ rẹ̀ tó jókòó sí ìdí tábìlì, bí ọkọ náà tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó pè ọ́. Ní ilé oúnjẹ, má sọ ọ́ fún ẹni tó gbé àwo wá, sọ ọ́ fún alásè nígbà tí o bá ń kọjá níwájú rẹ̀: "Elinize sağlık, usta", ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Èso tí wọ́n kàn gé sílẹ̀ tàbí bísíkíìtì inú páálí kò béèrè fún un, "teşekkür ederim" tó o.

Ìgbà méjì ló bá a mu jù: lẹ́yìn ìgbà tí o bá ti tọ́ oúnjẹ náà wò, àti nígbà tí o bá jẹun tán. Ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà méjèèjì kò ṣàṣejù. Ẹni tí kò sọ ọ́ rárá kí ó tó dìde nídìí tábìlì ló ṣẹ̀, torí pé alásè á máa ro ó bóyá ọbẹ̀ ni kò dùn ni. Bí o bá fẹ́ fi ìyìn kún un, "çok güzel olmuş" (ó dára gan-an ni) ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn.

Ìdáhùn alásè ni "Afiyet olsun". Níbí gan-an ni àwọn ọmọ wa tó ń kàwé níbẹ̀ ti máa ń ṣìnà. O se ìrẹsì alátà fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé, wọ́n jẹ, wọ́n ní "Eline sağlık!" Inú rẹ dùn, o sì fẹ́ dá ìyìn padà, lo bá ní "Eline sağlık". Ọwọ́ wo lò ń gbàdúrà fún? Ọwọ́ tìrẹ ló sè é. "Afiyet olsun" ni ìdáhùn rẹ, kò sí òmíràn tó dára tó o.

Gbólóhùn yìí kò mọ sórí oúnjẹ. Aránṣọ tó rán ṣòkòtò rẹ tó sì bá ọ mu, ẹni tó tún ẹ̀rọ omi ṣe, ẹni tó hun aṣọ òtútù fún ọmọ rẹ, gbogbo wọn ló tọ́ sí. Nígbà náà, ìdáhùn wọn kò ní í jẹ́ "afiyet olsun", níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ nǹkan kan. "Sağ olun" ni wàá gbọ́.

Àwọn méjì kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kesenize bereket" ni ìbùkún fún àpò owó, ẹ kú ìnáwó tiwa sì ni; sọ ọ́ fún ẹni tó sanwó nílé oúnjẹ, nígbà tó bá ti san án. "Ziyade olsun" (kó máa pọ̀ sí i) jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, àti ti ìgbèríko ju ti ìlú ńlá lọ. Àlejò ló ń sọ ọ́ fún onílé nígbà tí wọ́n bá jẹun tán. Bí o bá sọ ọ́ fún ìyá àgbà, inú rẹ̀ á dùn. Bí o bá sọ ọ́ fún ọmọ ogún ọdún nílé ẹja díndín, ó lè rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ kan láti òkè dé ilẹ̀

Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ ní kíláàsì mú ọ lọ jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sè. O dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní "Hoş geldiniz", ẹ káàbọ̀, o dáhùn "Hoş bulduk", o bọ́ bàtà. Kò sí ohun mìíràn tí a fi ń dáhùn "Hoş geldiniz" tó tọ̀nà tó ìyẹn. "Teşekkür ederim" kò burú, ṣùgbọ́n á fi hàn pé o kò tíì mọlé.

Wọ́n ní "Buyurun", o jókòó. Ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní "mercimek çorbası" ló kọ́kọ́ dé. Ìyá ní "Afiyet olsun", o ní "Teşekkür ederim, teyze". Mu síbí méjì tàbí mẹ́ta kí o tó sọ̀rọ̀ ìyìn, torí ìyìn oúnjẹ tí o kò tíì tọ́ wò kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà: "Elinize sağlık, çok güzel olmuş." Ó dáhùn "Afiyet olsun".

Ká ní oúnjẹ gba ibi tí kò yẹ lọ, tí o bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Wàá gbọ́ "Helal, helal!" láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ẹnìkan á sì máa gbá ọ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Wọn kò bá ọ sọ̀rọ̀ ẹran aláàlì. Ohun tí à ń sọ fún ẹni tí nǹkan pá lórí ni, kò sì béèrè ìdáhùn. Ẹni tó kéré ní ilé náà gbé omi wá, o mu ún, o ní "Su gibi aziz ol", kí o níyì bí omi. Fún ẹni tó bu omi fún ni nìkan ni èyí wà. Bí o bá lò ó fún tíì tàbí mínírà, kò bá a mu.

Ìyá á fẹ́ bu sí i fún ọ. Kíkọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó, ó máa ń rò pé ojú ló ń tì ọ́. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí o fi síbí àti fọ́ọ̀kì lélẹ̀ pọ̀ lórí àwo, kí o ní "Elinize sağlık, doydum": mo ti yó. "Elinize sağlık" ló ń gbé "doydum" wọlé láìfi dun ẹnikẹ́ni. "Doydum" lásán, bí ọ̀rọ̀ kíkorò ló ṣe máa ń rí létí. Lẹ́yìn oúnjẹ, tíì á dé nínú gíláàsì kékeré, wọ́n á sì máa kún un láìbéèrè. Nígbà tó bá tó, gbé ṣíbí tíì náà dábùú ẹnu gíláàsì. Àmì pé ó tó ni, ọ̀pọ̀ ló ṣì mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń dìde

Má dìde lójijì. Ìyọ̀ǹda ni à ń tọrọ: "Müsaadenizle ben kalkayım", tàbí, bí ẹ bá pọ̀, "Bize müsaade". Onílé á ní "Daha erken", àsìkò kò tíì lọ, ẹ ṣì jókòó. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí o jókòó padà fún wákàtí kan. Mu ìyókù tíì rẹ, jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tún un tọrọ pẹ̀lú ìdí kan tó ṣe é gbọ́, bíi bọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ àárọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n á dáhùn "Müsaade sizin", ìyọ̀ǹda wà lọ́wọ́ yín. Ìgbà tí o bá gbọ́ ìyẹn ni kí o dìde.

Lẹ́nu ọ̀nà, bí o ti ń wọ bàtà, ni wàá tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan: "Her şey için teşekkür ederim." Onílé á ní "Yine bekleriz", a tún ń retí yín. Ìdáhùn rẹ ni "Biz de bekleriz" bí o bá ní ilé tí o lè gbà wọ́n sí, tàbí "İnşallah" bí o kò bá ní.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wá kàn. Ìwọ tó ń lọ, méjì ló wà fún ọ. "Hoşça kalın" (fún ọ̀rẹ́, "hoşça kal") túmọ̀ sí kí ẹ kù dáadáa. "Kal" inú rẹ̀ ni "dúró", ẹni tó dúró sílé nìkan la sì lè sọ ọ́ fún. "Allahaısmarladık" ni kejì, a fi yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó gùn lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu wọn máa ń ké e kúrú sí bí "alasmaladık". Àwọn tó kù sílé á dáhùn "Güle güle", ìyẹn pé kí o máa fẹ̀rín lọ.

"Güle güle" yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àlejò, torí òun ni ìwé kékeré àwọn arìnrìn-àjò máa ń kọ sí iwájú "ó dàbọ̀" láìsọ ẹni tó ni ín. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn tí o sì ní "Güle güle", àwọn lò ń lé jáde nílé ara wọn yẹn. Wọn kò ní í bínú, wọ́n á rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé àna rẹ ni, ẹ̀rín náà á pẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀. Bí orí rẹ bá dàrú lákòókò yẹn, sá sí abẹ́ "İyi akşamlar" ní ìrọ̀lẹ́, tàbí "İyi geceler" bí ilẹ̀ bá ti ṣú gan-an. Ẹni tó ń lọ àti ẹni tó kù ló lè sọ ìwọ̀nyí, bí "görüşürüz" (a ó ríra) ṣe rí láàárín ẹgbẹ́.

Má ṣe gbàgbé pé "Güle güle kullanın" jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ra bàtà tàbí fóònù tuntun là ń kí bẹ́ẹ̀, kó lò ó pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń bọ̀ tàbí ẹni tó ń lọ.

Ìrìn àjò jíjìn, àti oúnjẹ sàráà

Ẹni tó ń lọ sí ìlú mìíràn kì í ṣe ẹni tó ń lọ sílé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Òun là ń kí ní "İyi yolculuklar" tàbí "Yolun açık olsun", kí ọ̀nà rẹ là. Bí mọ́tò bá ti ń ṣí, àwọn kan á da omi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé "Su gibi git, su gibi gel", lọ bí omi, bọ̀ bí omi. Fún àwọn ẹbí tí ẹni náà fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn wà lọ́tọ̀: "Allah kavuştursun", kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ ríra padà. Má sọ ọ́ fún arìnrìn-àjò tó dá nìkan dúró ní ibùdókọ̀. Ìyá ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ ológun ló ni ín.

"Hakkını helal et", kí o yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ tó wà lọ́rùn mi, wúwo ju gbogbo ìyẹn lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni "Helal olsun". Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí kò mọ ìgbà tí yóò padà ló ń sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́yìn àwo ìrẹsì kan, wọ́n á bi ọ́ pé kí ló dé.

Oúnjẹ tí wọ́n ń pín nítorí òkú náà ní òfin tirẹ̀. Ní ìlú Ìsímíìrì ní Tọ́kì, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n máa dín "lokma", ìyẹfun pípò tí wọ́n rì sínú omi ṣúgà, kí wọ́n sì máa pín in fún ẹni tó bá ń kọjá lójú pópó. Gba tìrẹ, kí o ní "Allah kabul etsin", kí Ọlọ́run gbà á, bí a ṣe ń wí nídìí sàráà. "Elinize sağlık" kò dé ibẹ̀, torí àánú ni wọ́n ń ṣe. "Allah kabul etsin" yìí kan náà ni wàá sọ fún ẹni tó ń ṣínu nínú oṣù Ramadan.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìwọ lò ń lọ, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣiṣẹ́. Má da ara rẹ láàmú pẹ̀lú "Allahaısmarladık". "Kolay gelsin", ẹ kú iṣẹ́ tiwa, ni kí o fi jáde, tàbí "Hayırlı işler" fún oníṣòwò. Lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń jáde nílé ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀yin méjèèjì lè sọ "hoşça kal" tàbí "görüşürüz". Bí àgbà bá wà lórí ìlà, "İyi günler" lọ́sàn-án, kí o sì jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pa á.